Ẹ̀yin Ará Enterprise, Ta Ni Ń Jẹ́ Darmok?

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Picard o. Bàbá olórí dídán, ọ̀gá ọkọ̀ òfurufú Enterprise, ọkùnrin tó ń dá tíì gbígbóná mu nínú yàrá bí ẹni tí kò ní aya ńlé. Kò kúkú ní. Ọkọ̀ tó ń darí yẹn kì í ṣe dánfó. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan: dókítà wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ọmọdé ń lọ sílé ìwé níbẹ̀. Obìnrin kan tún wà tó ń jẹ́ Troi, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mọ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn kí onítọ̀hún tó lanu. Róbọ́ọ̀tì kan wà pẹ̀lú tí wọ́n ń pè ní Data, tí kì í gbàgbé ohunkóhun tó bá ti kà. Gbogbo ọgbọ́n wọn yìí, gbogbo ẹ̀rọ wọn, gbogbo yúnifọ́ọ̀mù tó fún mọ́ wọn lára bí awọ ìlù yẹn, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀ dà sómi. Darmok.

Eré tí mò ń wí náà ni wọ́n fi orúkọ yìí pè. Òun ló ṣìkejì nínú sáà karùn-ún Star Trek: The Next Generation, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991 sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde lórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà. Joe Menosky ló kọ ọ́. Patrick Stewart ló ṣe Picard. Paul Winfield ló ṣe Dathon, ọ̀gá ọkọ̀ àwọn àjèjì, tí wọ́n fi rọ́bà bò lórí bò lójú débi pé ẹyinjú àti ohùn nìkan ló kù fún un láti fi ṣeré, ó sì ṣe é débi pé èèyàn ń ṣàánú rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń wí.

Àwọn àjèjì ọ̀hún ni Ọmọ Tama. Ẹ̀ẹ̀meje ni ọkọ̀ àwọn Picard ti pàdé tiwọn láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọjọ́ yìí tó dé. Wọn ò jà. Wọn ò bú ara wọn. Wọn ò sì gbọ́ ara wọn yé. Ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ti pàdé wọn rí padà wálé, ó kọ ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀, gbogbo ohun tó rí sọ kò ju pé ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé gbọ́ lọ. Ẹ ò rí ìròyìn! Ìjọba rán an lọ sí òpin ayé, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń sanwó fún un, ó wá sọ pé òun kò gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ bẹ àna tó bá padà wálé pẹ̀lú irú èsì bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá ọkọ yóò ti lé e padà kó tó jókòó.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà dùn ni pé àwọn èèyàn yìí ní ẹ̀rọ ògbufọ̀. Èdè tí ẹnikẹ́ni bá sọ, bí ìràwọ̀ tó ti wá tilẹ̀ jìn bí ọ̀run, ẹ̀rọ yìí yóò tú u sí Gẹ̀ẹ́sì tútù kó tó kan etí. Níwájú Ọmọ Tama náà, ẹ̀rọ ò kọṣẹ́. Ó tú apá sí apá, ó tú ògiri sí ògiri, ó tú odò sí odò. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló jáde ní pípé, àfi ìtumọ̀ tí kò bá a jáde. Dathon dìde lójú amóhùnmáwòrán, ó kí wọn tayọ̀tayọ̀, ó ń dárúkọ èèyàn àti ìlú. Ó ní nǹkan nípa Darmok àti Jalad ní Tanagra. Picard wo ojú Riker igbákejì rẹ̀, Riker wo ojú Troi, Troi ní òun mọ̀ pé ọkàn rere ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ̀rín tí ọkùnrin náà ń rín lójú amóhùnmáwòrán ti sọ ìyẹn fún wa.

Mo fẹ́ bá yín ṣe eré kan kí n tó máa bá wọn wí lọ. Ká ní mo dé ọ̀dọ̀ yín lónìí, mo bi yín pé kí ló dé tí owó àjọ tí ẹ fi rán lágbájá kò pé, ẹ wá dá mi lóhùn pé: "Ìjàpá lójú ọ̀nà, ìka rẹ̀ nínú ọbẹ̀." Mo ti gbọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ pàlọ́ fún tí kò ní gbọ́. Ìjàpá lọ gba oògùn ọmọ fún Yánníbo lọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó má fi kan ẹnu, òórùn rẹ̀ pọ̀ lọ́nà, ó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì wú bí agbè. Gbogbo ìyẹn ló wà nínú ìka tó wà nínú ọbẹ̀: ẹni tí a rán níṣẹ́ jẹ iṣẹ́ náà mọ́ra, àṣírí rẹ̀ yóò sì tú, nítorí pé ikùn kò ṣeé fi pamọ́. Àmọ́ ká ní ẹ̀rọ Picard ló gbọ́ ọ. Yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò wá kéde fún gbogbo ọkọ̀ pé: ẹranko afàyàfà kan wà lójú ọ̀nà, ìka rẹ̀ wà nínú oúnjẹ olómi. Riker yóò ní kí wọ́n gbé ìbọn sókè.

Bí Ọmọ Tama ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn o, kìkì rẹ̀. Àwa a máa fi ìtàn ṣe iyọ̀ ọ̀rọ̀, àwọn fi iyọ̀ ṣe oúnjẹ. Bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, Shaka ni wọn yóò dárúkọ, ti ọjọ́ tí ògiri rẹ̀ wó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fún ọ ní nǹkan, Temba ni, pẹ̀lú apá tó ṣí. Nínú ọkọ̀ wọn, lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, igbákejì Dathon kò fara mọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ ṣe, ó sì ń bá a jiyàn lójú gbogbo ènìyàn. Dathon kò sọ fún un pé kó panu mọ́. Odò kan ló dárúkọ, ó sì ní ìgbà òtútù. Ọ̀dọ́kùnrin náà panu mọ́ wẹ́rẹ́, bí omi tó dì. Èmi ò mọ ilé ẹjọ́ tàbí ìpàdé ẹbí kan tí wọ́n ti ń paná ìjà tó mọ́ tónítóní báyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú Enterprise ń wò, wọ́n rí i pé ó bú u, wọn ò mọ ohun tí odò ṣe.

Tóò. Mo ti bú Picard. Dathon ló kàn, ẹ má jẹ́ ká fi ojúṣàájú ṣe é.

Dathon rí i pé ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Ó ronú, ó sì gbìmọ̀ kan tó dára gan-an, bí ẹ bá jẹ́ Ọmọ Tama. Nínú ìtàn ilẹ̀ wọn, Darmok jẹ́ ọdẹ. Ó dá lọ sí erékùṣù Tanagra. Jalad náà dá lọ síbẹ̀. Ẹranko búburú kan wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì bá a jà pa pọ̀, wọ́n sì jọ wọkọ̀ kúrò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Dathon rò ó pé bí òun àti Picard bá lè la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá, àwọn méjèèjì yóò ní ìtàn kan náà, wọn yóò sì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó gbéra, ó gbé Picard pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ká èèyàn kúrò níbì kan tó ń tò ó síbòmíràn, wọ́n bọ́ sórí ayé kan tó ń jẹ́ El-Adrel, níbi tí ẹranko búburú gidi wà. Ó sì na ọ̀bẹ sí i.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. O fẹ́ bá ẹni tí o ò mọ̀ rí ṣọ̀rẹ́. O jí i gbé. O gbé e lọ sínú igbó. O dì mọ́ ọ̀bẹ méjì, o na ọ̀kan sí i. O wá ń rẹ́rìn-ín. Dathon, ọmọ bàbá mi, níbo lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀rẹ́? Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ lọ̀ mí lálẹ́ ní Ọjà-Ọba, màá ti sá dé Màpó kí o tó dé orí orúkọ Jalad. Picard ní tirẹ̀ rò pé ìjà àjàkú akátá ni wọ́n pe òun sí, pé ẹni tó bá kù ni yóò jẹ ọ̀gá. Ó ju ọ̀bẹ náà padà, ó ní òun kò wá jà. Dathon dárúkọ Shaka, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wẹ̀sì.

Ilẹ̀ ṣú. Òtútù mú. Ìran tó kàn yìí kò gùn, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo eré náà, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Dathon ti dáná tirẹ̀, ó jókòó tì í, ara rẹ̀ ń móoru. Picard ń ṣa igi lọ́hùn-ún, ó fi igi ha igi, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, iná ò ràn. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ nìyẹn o, kò rí iná dá. Dathon wò ó, wò ó. Nígbà tó yá ó fa igi kan yọ nínú iná tirẹ̀, ó sọ ọ́ sí i pẹ̀lú iná lórí rẹ̀, ó dárúkọ Temba, ó dárúkọ apá tó ṣí. Picard bojú wo igi. Ó bojú wo Dathon. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Orúkọ èèyàn ni Temba, apá tó ṣí sì ni apá ẹni tó ń fúnni. Ìyẹn ni pé: gbà. Ó mú un, ó dúpẹ́.

Ẹ kíyè sí ohun tó ràn án lọ́wọ́. Ìwé atúmọ̀ kankan ò sí níbẹ̀, ẹ̀rọ ògbufọ̀ tó wà lára rẹ̀ sì ti ń tú ọ̀rọ̀ Dathon fún un láti àárọ̀ láìṣe é ní àǹfààní. Ọ̀rọ̀ náà àti igi tó ń jó ló jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyá ṣe ń kọ́ ọmọ ọwọ́ ní "gbà" nìyẹn: nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án, ó sọ ọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń bá ara wọn pàdé lójú amóhùnmáwòrán, níbi tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè nà sí ẹnikẹ́ni. Ojú ń rí ojú, ọwọ́ ò kan ọwọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọgọ́rùn-ún ọdún náà ti ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká padà sókè lọ wo àwọn ọ̀mọ̀wé. Troi àti Data ti jókòó ti àwòrán ìjíròrò náà, wọ́n ń wò ó lákọtun. Ẹ má fi wọ́n ṣẹlẹ́yà jù, nítorí wọ́n ṣe ohun tó yẹ. Wọ́n ṣàkíyèsí pé orúkọ ni gbogbo nǹkan yìí, orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi. Wọ́n wá bi kọ̀ǹpútà pé ta ni Darmok. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé orúkọ náà fara hàn níbi 47 láàárín àwọn ayé tó wà nítòsí ibẹ̀. Darmok kan jẹ́ ọba. Òmíràn jẹ́ ọdẹ inú ìtàn àtijọ́. Òmíràn jẹ́ ìlú táwọn èèyàn tẹ̀ dó. Òmíràn, ẹ dákun, jẹ́ oúnjẹ dídì tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Áísìkiriìmù! Ọ̀gá ọkọ̀ wọn wà nínú igbó pẹ̀lú ọlọ́bẹ méjì, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń rò ó bóyá áísìkiriìmù ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́.

Orúkọ kejì ló yọ wọ́n. Wọn ò wá Darmok nìkan mọ́, wọ́n wá Tanagra náà. Tanagra jẹ́ orúkọ ìdílé ọba níbì kan, ó jẹ́ ọtí ètùtù níbòmíràn, ó sì jẹ́ erékùṣù ńlá ní ayé kan tó ń jẹ́ Shantil. Ibẹ̀ kan náà ni Darmok tó jẹ́ ọdẹ ti wá. Bí wọ́n ṣe fi orúkọ kan mú orúkọ kejì nìyẹn, tí 47 fi dín kù sí ẹyọ kan. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé nìyẹn, kò sí àwàdà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá Adé kan ní Ìbàdàn yóò kú sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wá Adé tó wà lágbo ilé Olúgbọ́dẹ yóò rí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ọ̀nà wọn dí. Wọ́n mọ̀ pé ọdẹ ni, wọ́n mọ̀ pé erékùṣù ni, wọn ò mọ ohun tí ọdẹ náà lọ ṣe lérékùṣù. Troi àti Dókítà Crusher fi Juliet ṣe àpẹẹrẹ, ọmọge inú eré Shakespeare tó dúró lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lóru. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó mọ ìtàn, ìfẹ́ ni yóò gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa wá Juliet káàkiri, yóò máa béèrè irú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó jẹ́. Ẹ fi Mọ́remí létí odò Ẹ̀sìnmìrìn sípò rẹ̀, ẹ ó rí i. Ará Ifẹ̀ gbọ́ ẹ̀jẹ́ àti ọmọ tí wọ́n fi san án. Àjèjì gbọ́ obìnrin tó lọ pọnmi.

Riker ò ní sùúrù gbogbo eléyìí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kó jókòó, ẹsẹ̀ ni yóò gbé kọjá ẹ̀yìn àga kó tó jókòó. Lójú rẹ̀, wọ́n ti jí ọ̀gá òun gbé, ó kù ká gbà á padà. Àwọn Ọmọ Tama ti fi nǹkan dí òfurufú ayé ọ̀hún, tí ẹ̀rọ Enterprise kò fi lè gbé èèyàn kúrò níbẹ̀. Riker rán Worf, ọ̀kan lára wọn, nínú ọkọ̀ kékeré lọ. Ọmọ Tama yìnbọn sí ọkọ̀ kékeré náà, ṣùgbọ́n wọ́n yìn ín pẹ̀lú ìṣọ́ra, débi tí ọkọ̀ kò fi lè sọ̀kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì kú. Ẹni tó ń wá ìjà kì í yìnbọn báyẹn. Riker rí i, kò kà á. Ó ní kí àwọn ẹnjiníà tún ẹ̀rọ ṣe, kí wọ́n fi tipátipá fa ọ̀gá òun jáde.

Nílẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹranko náà ti dé. Ó tóbi, ó máa ń pòórá kó tó tún yọ, ó sì ń pariwo. Dathon ti sáré padà pẹ̀lú ọ̀bẹ méjèèjì, lọ́tẹ̀ yìí Picard gba tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí ẹranko po, Dathon ń dárúkọ ogun Uzani, ó ní ìkúùkù tó ṣí, ó ní ìkúùkù tó pa dé. Ọgbọ́n ogun ni: kí wọ́n ya ara wọn láti fa ọ̀tá wọ àárín, kí wọ́n sì pa dé mọ́ ọn. Níbi tí ikú ti ń bọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ti yé Picard. Ó kígbe pé òun ti mọ̀ ọ́n, pé àpẹẹrẹ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ó dúró sípò tí Dathon fẹ́ kó dúró sí, àwọn méjèèjì jọ dojú kọ ẹranko náà.

Ìgbà yẹn gan-an ni Riker ní kí wọ́n tẹ ẹ̀rọ.

Ìmọ́lẹ̀ gbá Picard mú, ó dì í sójú kan náà. Ẹ̀rọ kò lágbára tó láti gbé e dókè, kò sì jẹ́ kó lè sọ̀kalẹ̀. Ó wà láàárín, ojú rẹ̀ ń rí, ó ń pariwo pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ẹranko náà dojú kọ Dathon nìkan, ó gbá a mọ́lẹ̀, ó tún gbá a. Nígbà tí ẹ̀rọ já Picard sílẹ̀, ẹranko ti lọ, Dathon ti dùbúlẹ̀, ó ti fara pa gidigidi. N kò ní àwàdà kankan fún ibí yìí. Àwọn tó fẹ́ gba ọ̀gá wọn là ló pa ẹni tó fẹ́ bá ọ̀gá wọn ṣọ̀rẹ́, ohun tó sì fà á kò ju pé wọ́n rí ọ̀bẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti pinnu ohun tí ọ̀bẹ túmọ̀ sí.

Lóru ọjọ́ náà Picard jókòó tì í. Ó ní kó sọ ìtàn Darmok fún òun, Dathon sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń sọ ọ́ lẹ́kọ̀ọ̀kan, Picard ń tò ó pọ̀: ó dá lọ sí erékùṣù, òmíràn náà dé, wọ́n bá ẹranko jà, wọ́n jọ kúrò. Nígbà tó tán, Dathon fẹ́ gbọ́ ti Picard náà. Picard sì ṣe ohun tí mo fi dárí jì í gbogbo ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ó pàlọ́ Gilgamesh fún un, ìtàn tí àwọn ará Mesopotámíà ìgbàanì kọ sára amọ̀: ọba ìlú Uruk tó ń ni àwọn èèyàn rẹ̀ lára, Enkidu ọkùnrin inú igbó tó bá a jà tó wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀, màlúù ọ̀run tí wọ́n jọ bá jà, àti bí Enkidu ṣe kú tí ọba sunkún rẹ̀. Dathon gbọ́ ọ, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò pẹ́ ó kú.

Iná ogun ti ń jó nígbà tí wọ́n fi rí Picard gbé dókè. Riker ti kọlu ọkọ̀ Ọmọ Tama láti fọ́ ohun tó dí òfurufú, àwọn náà sì ń dá a padà, ààbò Enterprise ti ń tán lọ. Picard wọlé, aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, ó ní kí wọ́n pe igbákejì Dathon wá. Ó bá a sọ̀rọ̀ ní ìtàn wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kan ti Shaka, ọjọ́ tí ògiri rẹ̀ wó. Ọ̀dọ́kùnrin tí odò òtútù pa lẹ́nu mọ́ lánàá dìde lórí àga. Ó lanu, kò lè pa á dé. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnì kan gbọ́! Picard fi ìwé àkọsílẹ̀ Dathon ránṣẹ́ sí i, ó sì fẹ́ dá ọ̀bẹ náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin náà ní kó mú un lọ, ó sì dá gbólóhùn tuntun kan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: Picard àti Dathon ní El-Adrel. Wọ́n yí ọkọ̀ padà. Ẹ̀yìn ìyẹn, Picard bẹ̀rẹ̀ sí ka ewì àwọn Gíríìkì ìgbàanì nínú yàrá rẹ̀, Riker sì bi í pé irú ìwé wo nìyẹn. Ìwọ náà ì bá ti kà á lánàá, Riker.

Ó wá ku Joe Menosky tó kọ ọ́. Ẹ má rò pé ó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Menosky, a gbóríyìn fún yín, ẹ jókòó. Àwọn Ọmọ Tama yìí ní ọkọ̀ òfurufú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára ju Enterprise lọ. Ta ló kàn án? Ẹ jẹ́ kí n wo inú ilé ẹ̀rọ wọn. Ọ̀gá mẹkáníìkì wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ súpánà oní-10. Kí ni yóò wí? "Temba, apá rẹ̀ ṣí"? Ọmọ iṣẹ́ yóò gbé súpánà oní-12 fún un. "Shaka, ògiri rẹ̀ wó"? Ọmọ iṣẹ́ yóò gbé oní-14 dé. Nígbà tí wọ́n bá fi dé orí oní-10, ọkọ̀ ti jábọ́, Shaka ti di òótọ́.

Èyí tó tún burú ju ti súpánà lọ ni ti ọmọdé. Kí ọmọ tó lè gbọ́ "Ìjàpá, ìka rẹ̀ nínú ọbẹ̀", ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti jókòó tì í kó sọ pé Ìjàpá kan wà, ó ní ìyàwó, ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Gbólóhùn lásán ni ìyẹn, ọ̀rọ̀ ilé. Bí ìtàn nìkan bá ni èdè, èdè wo ni wọ́n fi ń sọ ìtàn? Àwọn àgbà tiwa a máa ju àbọ̀ òwe sílẹ̀ nínú ìpàdé lóòótọ́, wọ́n á sì máa wo ojú ọmọdé bóyá yóò parí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá lè parí rẹ̀, ẹnì kan yóò rọra sọ ọ́ sí i létí. Ọmọ Tama kò ní ohun tí wọ́n lè sọ síni létí. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà ní bóyá wọ́n máa ń ṣe ìtàn wọn lójú ọmọdé bí eré egúngún. Kò burú, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún àwọn òṣèré pé kí wọ́n dúró sápá òsì?

Ian Bogost gbìyànjú láti yọ ọ̀gá Menosky nínú rẹ̀. Lọ́dún 2014 ó kọ àròkọ gígùn kan nínú ìwé ìròyìn The Atlantic pé kì í ṣe àfiwé ni àwọn èèyàn yìí ń ṣe. Bí ọkùnrin náà bá dárúkọ Uzani, kì í ṣe àwòrán ogun ló ń yà, ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ló ń sọ, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo gbà á fún un níbi ìkúùkù tó ṣí tó sì pa dé, torí Picard kò kàn gbọ́ ọ, ó rìn ín. Ṣùgbọ́n súpánà mi ńkọ́?

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń ṣe Star Trek fẹ́ kí Ọmọ Tama kan máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni, nínú eré kàtúùnù Lower Decks. Wọ́n mú Kayshon wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ tuntun. Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́: iná ń jó, ọ̀tá ti wọlé, ó yẹ kó kígbe pé kí gbogbo èèyàn dọ̀bálẹ̀, ó wá ń dárúkọ ọba kan létí odò. Àwọn òǹkọ̀wé ronú sí i, wọ́n rí i pé kò lè ṣiṣẹ́, wọ́n bá fún un ní Gẹ̀ẹ́sì geere bí ti gbogbo ayé, àfi ìgbà tí ara bá há a tí ìtàn ilé á máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn eré náà, súpánà mi borí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì gbé Kayshon yìí jáde, tí Gẹ̀ẹ́sì ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, tí ó lè sọ ohunkóhun tó bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, nǹkan kan nínú ọkọ̀ tí ohun àkójọ kún sọ ọ́ di ọmọlangidi.